Síríọ́sì, oòrùn, àti kábọ́ọ̀nù tó ń ṣe alárenà

Ọjọ́ Ẹtì, oṣù Èrèlé. Aago mẹ́wàá alẹ́ ti kọjá.

Wọ́n ti mú iná lọ láti ìrọ̀lẹ́, mo bá gbé àga síta. Ìgbà tí gbogbo àdúgbò bá ṣókùnkùn báyìí ni ojú máa ń rí ìràwọ̀ dáadáa. Mo rí àwọn mẹ́ta tó máa ń tò tẹ̀léra, mo fi ojú tẹ̀ lé ìlà wọn títí mo fi bá Síríọ́sì. Kò sí ìràwọ̀ tó mọ́lẹ̀ tó o lójú ọ̀run alẹ́. Àwọn òyìnbó ń pè é ní ìràwọ̀ ajá. Lọ́dọ̀ tiwa, Àgùàlà ni wọ́n ń fẹ̀sùn ajá kàn, pé ajá oṣù ni, òun náà sì ń jẹ́jọ́ náà títí dòní.

Àbúrò mi obìnrin ló fa gbogbo èyí. Ó pè mí lọ́sàn-án, ó ní: "Bọ̀dá mi, ẹ ní Síríọ́sì wúwo ju oòrùn lọ ní ìlọ́po méjì. Ẹni tó ní epo ìlọ́po méjì, ṣé òun kọ́ ló yẹ kó pẹ́ jù ni? Kí ló dé tẹ́ ẹ tún ní òun ló máa kọ́kọ́ kú?"

Mo fún un ní ìdáhùn onísirò. Síríọ́sì ní epo ìlọ́po méjì, ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ tó ń tú jáde tó ìlọ́po 25 ti oòrùn. Tí oòrùn bá ní nǹkan bí ọdún bílíọ̀nù 10 láti fi jó háídírójìn inú rẹ̀, ẹni tó ní owó lọ́po méjì tó ń náwó lọ́po 25 kò lè pé ọdún bílíọ̀nù kan. Ọ̀rọ̀ náà tẹ́ ẹ lọ́rùn. Èmi ni kò tẹ́ lọ́rùn, torí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ikùn àwọn ìràwọ̀ méjèèjì yìí kò jọra rárá, n kò sì sọ ìyẹn fún un.

Ibi kan náà ni wọ́n ń lọ o. Pírótọ́ọ̀nù mẹ́rin, tí í ṣe kókó háídírójìn, yóò di kókó hílíọ́mù kan. Ìwọ̀n tó ṣẹ́ kù lára wọn, nǹkan bí 0.7 nínú ọgọ́rùn-ún, ló ń di agbára. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà débẹ̀ ló yàtọ̀, ibi tí ọ̀nà kọ̀ọ̀kan ti há ni mo fẹ́ kọ sílẹ̀ kí n tó gbàgbé.

Nínú oòrùn, pírótọ́ọ̀nù méjì ló ń kọlu ara wọn tààrà. Ṣáájì kan náà ni wọ́n ní, wọ́n sì ń ti ara wọn sẹ́yìn, ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ni olórí wàhálà. Olórí wàhálà ni pé pírótọ́ọ̀nù méjì kò lè dúró pọ̀ gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe wà. Àfi kí ọ̀kan nínú wọn yí padà di nútírọ́ọ̀nù, kó sì jẹ́ pé láàárín ìṣẹ́jú àáyá bín-ín-tín tí wọ́n fi fara kanra gan-an ni ìyípadà náà ṣẹlẹ̀. Ipá aláìlera ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn, orúkọ rẹ̀ sì ro ó. Ó ṣọ̀wọ́n débi pé pírótọ́ọ̀nù kan nínú àárín oòrùn, tí a bá ṣírò rẹ̀, yóò dúró tó nǹkan bí ọdún bílíọ̀nù 10 kí tirẹ̀ tó yọ. Bí ìgbésẹ̀ yìí bá ti kọjá, ìyókù kò nira. Àwọn méjèèjì tó ti so pọ̀ yóò gba pírótọ́ọ̀nù kẹta mọ́ra láàárín ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, wọ́n á di hílíọ́mù oní-3. Irú rẹ̀ méjì yóò wá pàdé níkẹyìn, wọ́n á di hílíọ́mù oní-4, pírótọ́ọ̀nù méjì á sì tú sílẹ̀. Ìdí tí oòrùn fi ń pẹ́ nìyẹn: ẹnu ọ̀nà ló há.

Nínú Síríọ́sì, kábọ́ọ̀nù ló ń ṣe alárenà. Mo kọ ọ́ sórí bébà báyìí, p ni pírótọ́ọ̀nù, C ni kábọ́ọ̀nù, N ni náítírójìn, O ni ọ́síjìn, He ni hílíọ́mù, nọ́ńbà iwájú sì ni àpapọ̀ pírótọ́ọ̀nù àti nútírọ́ọ̀nù inú kókó kọ̀ọ̀kan:

```
12C + p → 13N → 13C
13C + p → 14N
14N + p → 15O → 15N
15N + p → 12C + 4He
```

Ẹ wo ìlà àkọ́kọ́ àti ìlà tó kẹ́yìn. Kábọ́ọ̀nù tó wọlé náà ló jáde. Alárenà tí àwa mọ̀, bí ojú bá ti mọ ojú tán, yóò yẹ̀ bá ni. Èyí kì í yẹ̀ bá, ó tún ń lọ so ẹlòmíràn pọ̀ ni. Ṣùgbọ́n ohun tó wù mí jù wà níbi tí ọfà méjì bá ti tẹ̀léra lórí ìlà kan. Ọfà kejì yẹn ni pírótọ́ọ̀nù ti ń di nútírọ́ọ̀nù. Iṣẹ́ ipá aláìlera kan náà ni, àmọ́ kò sí ìkánjú níbẹ̀ mọ́. Pírótọ́ọ̀nù ti wọlé, ó ti jókòó sínú kókó ńlá kan, ó lè yí padà nígbà tó bá wù ú. Fún náítírójìn oní-13, ìdajì wọn yóò ti yí padà láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Fún ọ́síjìn oní-15, ìṣẹ́jú méjì péré ni. Ohun tó gba oòrùn ní ọdún bílíọ̀nù di ohun tí èèyàn fi ń se ẹyin.

Kò sí ọ̀fẹ́ níbì kankan, ṣá. Ṣáájì kábọ́ọ̀nù jẹ́ ìlọ́po mẹ́fà ti pírótọ́ọ̀nù, ti náítírójìn sì jẹ́ ìlọ́po méje. Ògiri tí pírótọ́ọ̀nù máa gbà kọjá wá ga gan-an. Ìlà kẹta ló há jù lọ: náítírójìn oní-14 ń dúró kí pírótọ́ọ̀nù tó lè wọ inú rẹ̀, ìyókù ọjà sì ń tò sẹ́yìn rẹ̀. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ gidi ni. Bí àyípo náà bá ti ń lọ fún ìgbà pípẹ́, ọ̀pọ̀ kábọ́ọ̀nù tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni a óò bá níbẹ̀, tí wọ́n ti di náítírójìn.

Ibi tí ìwọ̀n ìràwọ̀ ti wọ ọ̀rọ̀ náà nìyí. Bí ògiri bá ṣe ga tó ni ooru ṣe máa ń ran ẹni tó fẹ́ fò ó lọ́wọ́ tó. Tí ìgbóná àárín ìràwọ̀ bá fi ìdá mẹ́wàá péré lé sí i, ọ̀nà pírótọ́ọ̀nù sí pírótọ́ọ̀nù yóò yára ní nǹkan bí ìlọ́po kan àbọ̀. Ọ̀nà kábọ́ọ̀nù yóò yára ní nǹkan bí ìlọ́po márùn-ún. Àárín oòrùn gbóná tó mílíọ̀nù 15.7 lórí ìwọ̀n Kẹ́lífínì, ọ̀nà kábọ́ọ̀nù kò sì mú ju nǹkan bí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún agbára rẹ̀ wá. Ní nǹkan bí mílíọ̀nù 18, àwọn méjèèjì á dọ́gba, ìyẹn sì ń bọ́ sára ìràwọ̀ tó wúwo ju oòrùn lọ díẹ̀, bí ìlọ́po 1.3. Síríọ́sì ti kọjá ibẹ̀ tipẹ́.

Mo gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́ nǹkan kan níbí. Lọ́dún tó kọjá, mo sọ ní kíláàsì pé àyípo kábọ́ọ̀nù ló mú kí àwọn ìràwọ̀ ńlá mọ́lẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Irọ́ ni mo pa, láìmọ̀. Ìwúwo ìràwọ̀ àti bí ìmọ́lẹ̀ ṣe rọrùn tó láti jò jáde nínú rẹ̀ ló ń pinnu iye tó ń tú síta. Ohun tí iná inú ń ṣe ni pé kó san gbèsè tí ara ń jẹ: bí kò bá san tó, àárín á fún pọ̀, á gbóná sí i, títí owó yóò fi pé. Ká ní kò sí kábọ́ọ̀nù nínú Síríọ́sì rárá, àárín rẹ̀ á kàn gbóná ju báyìí lọ, kó lè fi ọ̀nà àkọ́kọ́ san gbèsè náà ni. Mo ní láti padà lọ tún un ṣe fún àwọn ọmọ náà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ohun tí ọ̀nà kábọ́ọ̀nù yí padà ní tòótọ́ ni ibi tí ìràwọ̀ ti ń hó. Nítorí pé ooru díẹ̀ ló ń sọ ọ́ di púpọ̀, ojú kan bín-ín-tín ní àárín gbùngbùn ni gbogbo agbára Síríọ́sì ti ń wá. Ìmọ́lẹ̀ nìkan kò lè gbé e jáde níbẹ̀, àárín náà á wá máa hó bí ìkòkò tí iná dá dúró sí lójú kan, á máa ro epo àti eérú pọ̀. Ti oòrùn kò rí bẹ́ẹ̀. Iná rẹ̀ tẹ́ sílẹ̀, àárín rẹ̀ dúró jẹ́ẹ́, eérú hílíọ́mù ń kó jọ sójú kan. Apá òde, bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá tó kù kí a dé ojú rẹ̀, ló ń hó.

Báwo la ṣe mọ̀ pé ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún tó ń ti ọ̀nà kábọ́ọ̀nù wá yẹn wà nínú oòrùn? Onímọ̀ físíìsì Hans Bethe, tó ṣàlàyé àyípo náà lọ́dún 1939, tó sì gba ẹ̀bùn Nóbẹ̀lì lọ́dún 1967, rò pé àyípo náà gan-an ló ń gbé oòrùn ró, torí ìgbóná àárín oòrùn tí wọ́n fojú dá nígbà náà ti pọ̀ jù. Ìgbà tó di ọdún 2020 ni àwọn tó ń lo Borexino, ẹ̀rọ ńlá kan tó ń wá niutirínò lábẹ́ òkè Gran Sasso ní Ítálì, tó kéde pé àwọn rí niutirínò tó ti ọ̀nà kábọ́ọ̀nù wá, ìyẹn èérún bín-ín-tín tó ń jáde nígbà tí pírótọ́ọ̀nù bá di nútírọ́ọ̀nù. Nǹkan bíi méje ni wọ́n ń kà lójúmọ́ nínú tọ́ọ̀nù 100 omi wọn, tó máa ń tàn yẹ̀rì bí niutirínò bá kọlu nǹkan nínú rẹ̀. Bísímọ́ọ̀tì oní-210 tó wà nínú omi náà ni ọ̀tá wọn, torí ìtànná rẹ̀ jọ ti niutirínò yìí gan-an. Polóníọ́mù tó ń ti inú rẹ̀ wá ni wọ́n fi ń ka iye rẹ̀, ṣùgbọ́n ooru tó ń yí padà ń mú kí omi náà máa rọra yí ká, ó sì ń kó polóníọ́mù mìíràn wá láti ara ọ̀rá tó gba omi dúró. Wọ́n bá fi aṣọ adènà-ooru di gbogbo táńkì náà, kí omi lè dúró jẹ́ẹ́. Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á: kí wọ́n tó lè rí ohun tó ń mú ikùn ìràwọ̀ hó, wọ́n ní láti dá tiwọn dúró kó má yí.

Mo fi bébà náà ya fọ́tò, mo fi ránṣẹ́ sí àbúrò mi. Kò pẹ́ tó fi dáhùn: "Àwọn ìràwọ̀ àkọ́kọ́ ńkọ́, bọ̀dá mi? Ẹ ní kò sí kábọ́ọ̀nù láyé nígbà náà."

Ọmọ yìí! Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ fún un pé àwọn ńlá inú wọn ní láti fún pọ̀ títí àárín wọn fi gbóná tó nǹkan bí mílíọ̀nù 100, níbi tí hílíọ́mù mẹ́ta ti lè di kábọ́ọ̀nù kan. Bín-ín-tín nínú rẹ̀ ti tó, torí ní ooru bẹ́ẹ̀, alárenà kan lè ṣe ìgbéyàwó púpọ̀. Ibẹ̀ ni mo dé tí fóònù kú. Iná kò tíì dé, Síríọ́sì ti ń yẹ̀ sí ìwọ̀ oòrùn.