Orin àtijọ́ ni lóòótọ́, àmọ́ ta ló tẹ dùùrù?

Èmi ni mò ń bójú tó fídíò ṣọ́ọ̀ṣì wa níbí l'Ógbómọ̀ṣọ́. Lọ́jọ́ kan mo gé ìwàásù pásítọ̀ wa sí Shorts, ìṣẹ́jú kan àti sẹ́kọ́ńdì 20, mo sì fi dùùrù "Mímọ́, mímọ́, mímọ́" sábẹ́ ọ̀rọ̀ wọn. Orí YouTube náà ni mo ti wa dùùrù yẹn jáde. Ẹni tó gbé e síbẹ̀ kọ "No copyright" gàdàgbà sójú ẹ̀. Kò pẹ́ tí mo gbé e sórí afẹ́fẹ́ ni wọ́n dí i pa káàkiri ayé.

Ẹnu yà mí. Reginald Heber tó kọ ọ̀rọ̀ orin yẹn kú ní 1826, John Dykes tó ṣe ohùn rẹ̀ kú ní 1876. Ta ló tún ń jà sí i? Ìgbà tí mo tẹ Copyright nínú YouTube Studio ló tó yé mi: wọn ò bá orin jà, dùùrù tí ẹnì kan jókòó tẹ̀ ni wọ́n ń bá jà. Orin lè bọ́ lọ́wọ́ gbogbo èèyàn, kí ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ ṣì ní olówó. Ẹni tó kọ "No copyright" yẹn kò sì ni ín.

Kíléèmù nìyẹn, ìyẹn ni pé ẹ̀rọ YouTube rí ohùn olówó nínú fídíò mi, kì í ṣe sítíráìkì. Sítíráìkì ni ti kí oníǹkan fúnra ẹ̀ ní kí wọ́n yọ fídíò kúrò; bó bá pé mẹ́ta láàárín ọjọ́ 90, wọ́n lè ti ṣánẹ́ẹ̀lì pa. Kíléèmù kì í sábà pa èèyàn lára bẹ́ẹ̀, àmọ́ Shorts tó bá ti ju ìṣẹ́jú kan lọ, tí kíléèmù bà lé e, dídí ni wọ́n ń dí i. Ohun tó mú tèmi nìyẹn.

Mo gbìyànjú Erase song. Ó yọ dùùrù lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohùn pásítọ̀ wá dà bíi ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú garawa. Ọpẹ́lọpẹ́ pé mo ṣì ní ìwàásù náà lọ́tọ̀ láìní orin nínú.

Mo bá bẹ bọ̀ọ̀dá tó ń tẹ kíbọ́ọ̀dù fún wa. Wọ́n tẹ orin kan náà fún ìṣẹ́jú méjì nínú yàrá akọrin. Ti àkọ́kọ́ bàjẹ́, ariwo fáànù ló kún inú ẹ̀. A pa fáànù, a tún un gbà, òógùn bò wá. Mo tọ́jú ojúlówó fáìlì náà pẹ̀lú ọjọ́ tá a gbà á, torí ẹ̀rọ YouTube lè ṣì í mú fún ti ẹlòmíì, tí n óò sì ní láti já kíléèmù náà níyàn. Níwọ̀n bó sì ti jẹ́ ọwọ́ bọ̀ọ̀dá yẹn ló tẹ̀ ẹ́, mo ní kí wọ́n fún mi láṣẹ lórí WhatsApp. Èsì wọn rèé: "Ẹ máa lò ó, àmọ́ ẹ kọ orúkọ mi síbẹ̀ o."