Àpótí abẹ́rẹ́ kún, ṣùgbọ́n kò wúwo

Ọjọ́ àjẹsára ni òní ní ilé ìwòsàn wa kékeré yìí, lẹ́yìn Òṣogbo. Ọ̀sán ò tíì pọ́n tí àpótí abẹ́rẹ́, èyí tí à ń ju abẹ́rẹ́ tí a ti lò sí, fi kún dé ìlà tí wọ́n fà sí i lára, níbi ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Ẹnu yà mí. Mo wo ìwé, ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà 13 péré la ti gún. Abẹ́rẹ́ mẹ́ta lọ́mọ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ń gbà lọ́jọ́ kan: ti pẹ́ńtà tó ń dènà àrùn márùn-ún, ti òtútù àyà àti ti rọparọsẹ̀. Àwọn tó kù, ẹnu la ń kán wọn sí. Ìyẹn jẹ́ sírínjì 39, bẹ́ẹ̀ nǹkan bí 100 ni àpótí lítà márùn-ún ń gbà.

Mo di ọwọ́ àpótí náà mú, mo gbé e sókè. Ó fúyẹ́ bí páálí bisikíìtì. Ìyẹn ti tó fún mi láti mọ̀ pé kì í ṣe sírínjì nìkan ló kún un.

Akẹ́kọ̀ọ́ tó wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wa ló ń gúnni láàárọ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì dára. Ṣùgbọ́n gbogbo ohun tó bá ti bọ́ lára sírínjì ló ń sọ sínú àpótí: bébà tí wọ́n fi wé e, ìdérí abẹ́rẹ́, òwú tó fi nu itan ọmọ.

“Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé kì í ṣe gbogbo nǹkan abẹ́rẹ́ ló ń lọ síbẹ̀ ni?”

Mo ní, “Ohun tó bá lè gún ẹ ló ń lọ síbẹ̀.” Bébà àti ìdérí ò kan ara ẹnikẹ́ni, ìdọ̀tí lásán ni wọ́n, láílọ́ọ̀nù dúdú ni tiwọn. Òwú tó ní ẹ̀jẹ̀ ń lọ sínú yẹ́lò, pẹ̀lú gọ́ọ̀sì àti ìbọ̀wọ́ tó ti kan ẹ̀jẹ̀. Sírínjì tòun ti abẹ́rẹ́ rẹ̀ ló ń wọ àpótí, láìdá ìdérí padà sí i. Ìdí nìyẹn tí àpótí fi gbọ́dọ̀ wà lórí tábìlì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ tó ń gúnni, kí abẹ́rẹ́ má baà rìn kiri yàrá.

Ó béèrè bóyá kí a tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kó lè gbà sí i. Mo kọ̀ jálẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni a kò gbọdọ̀ tú u jáde láti ṣà á. Abẹ́rẹ́ tó yọ orí láti inú àpótí tó kún jù, ọwọ́ màmá tó ń gbálẹ̀ ló máa bá. Ẹni tí kò gba àjẹsára hẹpatáítísì B, bí abẹ́rẹ́ tó ní ẹ̀jẹ̀ alárùn náà bá gún un, ewu kó kó o lè tó 30 nínú 100. Ti HIV kò tó ìdá kan nínú 100, ṣùgbọ́n oògùn tó ń dènà rẹ̀ gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ kí wákàtí 72 tó pé. Ìbí yìí sí ibi tí wọ́n ti ń gbà á, ẹ mọ bí ọ̀nà ṣe rí.

A pa ẹnu àpótí náà dé bó ṣe wà, a kọ déètì sí i, a tọ́jú rẹ̀ sínú yàrá tó ní kọ́kọ́rọ́, a sì mú tuntun. Àpótí tuntun ò wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa, ó dùn mí díẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́, akẹ́kọ̀ọ́ náà ní ṣé kí a dáná sun ún nínú àgbá ẹ̀yìnkùlé. Mo mú un lọ wo eérú àtijọ́ tó wà níbẹ̀ kí n tó dé ibí. Mo fi igi tú u, abẹ́rẹ́ ṣì wà nínú rẹ̀, ó dúdú ni, ẹnu rẹ̀ ò kú. Iná àgbá ò lè dé 850°C tí ilé ìsun gidi nílò, èéfín ike tó ń jó sì burú fún ará àdúgbò. Ìgò oògùn tó bá bá a wọ iná á máa bú gbàù.

Nítorí náà, ọkọ̀ tó ń kó wọn lọ sí ìgboro la ń retí. Bí kò bá wá, kòtò wa nìyẹn: a fi kọnkéré ṣe ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ihò ojú rẹ̀ ní ìdérí àti àgádágodo. A ò gbẹ́ ẹ jìn kọjá bó ṣe yẹ, torí omi kànga máa ń gòkè lásìkò òjò. Ìdí kòtò gbọ́dọ̀ ga ju omi lọ ní mítà kan ààbọ̀ ó kéré tán, kó sì jìnnà sí kànga tó mítà 50.

Ọmọ oṣù mẹ́sàn-án ló pọ̀ nínú orúkọ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Sírínjì tí a fi ń po oògùn èèyi tóbi ju ti gígún lọ, nítorí náà mo ti ya àpótí méjì sọ́tọ̀.