Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nípa ìlà ẹ̀gbẹ́ tó lọ́ mọ́ ara rẹ̀

Ẹni tó ń fi ẹ̀rọ tí kọ̀ńpútà ń darí gbẹ́ pákó kò lè ní kí àárín bíìtì, irin tó ń yí láti gbẹ́ pákó, máa tọ orí ìlà tó yà gan-an. Bíìtì ní ìbú, etí rẹ̀ á ti jẹ wọnú ibi tó yẹ kó kù. Nítorí náà la ṣe ń fa ìlà mìíràn sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tó fi ìdajì ìbú bíìtì jìnnà sí i. Ìlà ẹ̀gbẹ́ ni mo máa ń pè é. Bí ìlà bá gún, kò sí wàhálà. Ibi tó bá ti tẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà.

Ẹ jẹ́ ká mú kòtò kan tí ìrísí rẹ̀ jẹ́ `y = x²/10`, ní mìlímítà, ká sì fẹ́ fi bíìtì tí ìbú rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 20 gbẹ́ inú rẹ̀. Ìlà ẹ̀gbẹ́ á jìnnà ní mìlímítà 10, ẹ pè é ní d. Fún ojú kọ̀ọ̀kan tí x rẹ̀ jẹ́ t:

```
s = sqrt(1 + t*t/25)
X = t - 2*t/s
Y = t*t/10 + 10/s
```

Ẹ tẹ̀lé ìlà ẹ̀gbẹ́ náà láti apá òsì. Ó ń sọ̀ kalẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, ó gba (0, 12.5) kọjá nígbà tí t jẹ́ -8.66, ó ré kọjá sí ọ̀tún títí dé (2.25, 9.4), ó sì dúró níbẹ̀ lójijì. Ṣóńṣó àkọ́kọ́ nìyẹn. Láti ibẹ̀ ó yí padà sẹ́yìn, ó gba (0, 10) lọ sí (-2.25, 9.4), ó tún ṣe ṣóńṣó kejì, kó tó gòkè lọ sí ọ̀tún, tí yóò sì tún gba (0, 12.5) kọjá. Ohun tí ẹ máa rí lójú kọ̀ńpútà dà bí ìrù alápàńdẹ̀dẹ̀.

Ohun tó fà á ni pé òbìrí tó bá ìsàlẹ̀ kòtò yẹn mu ò ju òbìrí tí ó fi mìlímítà 5 jìnnà láti àárín sí etí lọ. Ẹ pe ìwọ̀n yẹn, tó ń pọ̀ sí i bí a bá ṣe ń kúrò ní ìsàlẹ̀, ní R. Bí a bá ń rìn lórí ìlà àkọ́kọ́, ìlà ẹ̀gbẹ́ ń rìn ní ìlọ́po `1 - d/R`. Nígbà tí R bá jẹ́ 10 gẹ́lẹ́, ìyẹn ní t = 3.83 àti -3.83, ìrìn náà di òfo, ṣóńṣó sì yọ. Láàárín méjèèjì, iye náà kéré sí òfo, ìlà ń rìn sẹ́yìn.

Àtúnṣe tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń kọ́kọ́ rò ni kí wọ́n gé ibi tó ń rìn sẹ́yìn dànù, kí wọ́n sì fi ìlà gbọọrọ so ṣóńṣó méjèèjì pọ̀. Ẹ má ṣe é o! Ẹ wo ṣóńṣó (2.25, 9.4): ibi tó sún mọ́ ọn jù lára ògiri ọ̀tún ò ju nǹkan bíi mìlímítà 6.5 lọ, bẹ́ẹ̀ bíìtì ń fẹ́ 10. Á jẹ ògiri wọlé ní mìlímítà 3.5. Ibi tó ń rìn sẹ́yìn kọ́ ló burú jù; láti t = 3.83 dé 8.66 ni ìlà ń lọ síwájú dáadáa, síbẹ̀ gbogbo rẹ̀ ń jẹ ògiri òdìkejì. Àyẹ̀wò R nìkan ò lè rí ìyẹn.

Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé mo ń wá gbogbo ibi tí ìlà ẹ̀gbẹ́ ti kọjá lórí ara rẹ̀, mo ń gé e sí wẹ́wẹ́ níbẹ̀, mo wá ń mú ojú kan láàárín ègé kọ̀ọ̀kan, mo ń wọn bó ṣe jìnnà tó sí ìlà àkọ́kọ́. Àárín ègé ni o, kì í ṣe etí rẹ̀, torí etí wà ní 10 gẹ́lẹ́ yálà ègé náà dára tàbí kò dára.

```python
from math import hypot
def dara(p, ila, d=10, e=0.01):
    return min(hypot(p[0]-x, p[1]-y) for x, y in ila) >= d - e
```

Nínú kòtò wa, (0, 10) máa já síta, torí 8.66 péré ló fi jìnnà sí ògiri. Ìrù náà á lọ pátá, apá méjì tó kù á pàdé ní (0, 12.5). Ṣùgbọ́n bíìtì tó dúró síbẹ̀ á fi mìlímítà 2.5 igi sílẹ̀ ní ìsàlẹ̀ láìgbẹ́. Kò sí ìṣirò tó lè yọ ọ́. Bíìtì tí ìbú rẹ̀ ò ju 10 lọ nìkan ló lè débẹ̀. Èmi á lo 8 láti parí rẹ̀, torí pé 10 máa dúró gbọin ní ìsàlẹ̀ pátápátá.

Àyẹ̀wò ọ̀hún tún ń mú ọ̀ràn tí títẹ̀ ò dá sí. Ọ̀nà tóóró tí ògiri méjèèjì gún, tí àlàfo wọn jẹ́ mìlímítà 18, ò ní ṣóńṣó kankan, ṣùgbọ́n ìlà ẹ̀gbẹ́ wọn á ti fi mìlímítà 2 kọjá ara wọn. Ẹ kàn rí i pé ojú tí ẹ kó sínú `ila` ò jìnnà síra wọn. Àlàfo 0.5 ń mú kí ìwọ̀n jíjìnnà pọ̀ jù ní nǹkan bíi 0.003, èyí tó wà lábẹ́ `e`. Bí ẹ bá fi 2 sí i, á di 0.05, ègé tó ń jẹ ògiri díẹ̀ á sì yọ́ kọjá.