Lẹ́tà owó oṣù tó jáde sí yàrá ẹlòmíràn

Lẹ́tà àfikún owó oṣù òṣìṣẹ́ kan ni mo fẹ́ tẹ̀ jáde lọ́jọ́ náà. Mo tẹ àmì pírńtà kékeré tó wà lókè Word, èyí tí kì í bi ènìyàn ní ìbéèrè kankan, mo sì kọjú sí pírńtà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Kò mí. Mo tún un tẹ̀, mo tún un tẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹta. Kò pẹ́ ni obìnrin kan láti yàrá kejì wọlé, ó ká ìwé mẹ́ta dání, ó ní, "Ẹ má bínú o, ọ̀dọ̀ wa ni èyí jáde sí. Mi ò kà á dé ìsàlẹ̀." Ara mi bù máṣọ. Ọ̀rọ̀ owó oṣù ẹlòmíràn ni, èmi ni mo sì gbé e jáde.

Ohun tó dùn mí jù ni pé mo ti yan pírńtà mi gẹ́gẹ́ bí difọ́ọ̀tì tẹ́lẹ̀, ìyẹn pírńtà tí kọ̀ǹpútà máa ń lò bí a ò bá yan òmíràn. Ta ló wá yí i padà? Windows fúnra rẹ̀ ni. Ìṣètò kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ `Let Windows manage my default printer`. Bí ó bá wà ní títàn, pírńtà tí o lò kẹ́yìn níbi tí o wà ni Windows máa sọ di difọ́ọ̀tì. Lọ́jọ́ tó ṣáájú, mo ti fi pírńtà yàrá kejì tẹ ìròyìn gígùn kan torí pé ó yára ju tèmi lọ. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo yẹn ló tó. Ohun kan náà ló máa ń ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó bá lo `Microsoft Print to PDF` lẹ́ẹ̀kan: bó bá tún fẹ́ tẹ̀wé, kọ̀ǹpútà á máa bi í pé orúkọ wo ni kó fi pa fáìlì mọ́, bébà kankan ò sì ní jáde.

Bí mo ṣe tún un ṣe nìyí, lórí Windows 11. Mo ṣí `Settings`, mo wọ `Bluetooth & devices`, lẹ́yìn náà `Printers & scanners`. Mo wá ìṣètò yẹn kàn nísàlẹ̀, mo pa á. Ibẹ̀ gan-an ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, torí bí ẹ ò bá tíì pa á, kò ní jẹ́ kí ẹ fúnra yín yan pírńtà. Mo wá tẹ orúkọ pírńtà mi, mo sì tẹ `Set as default`. Mo ti Word pa, mo tún un ṣí, torí ètò tó ti wà ní ṣíṣí lè ṣì di pírńtà àtijọ́ mú. Nígbà tí mo tẹ `Ctrl+P`, orúkọ pírńtà tèmi ló wà níbẹ̀.

Mo rò pé ó ti parí. Ṣùgbọ́n lẹ́tà tó tẹ̀ lé e dé ọ̀dọ̀ pírńtà mi, iná rẹ̀ ń ṣẹ́jú, ó ń béèrè bébà Letter, A4 ló sì kún inú rẹ̀. Ìwọ̀n A4 jẹ́ mílímítà 210 sí 297. Letter fẹ̀ jù ú lọ díẹ̀, nǹkan bí 216, ṣùgbọ́n 279 péré ni gígùn rẹ̀. Ẹni tó bá fipá tẹ Letter sórí A4 á rí i pé àlàfo ìsàlẹ̀ pọ̀ jù, etí ọ̀tún sì lè gé.

Mo tún wọ ojú ewé pírńtà náà, mo tẹ `Printing preferences`, mo yan A4. Èmi nìkan ni ìyẹn kàn. Kí ó lè kan gbogbo ẹni tó ń wọlé sórí kọ̀ǹpútà náà, mo gba `Printer properties`, `Advanced`, dé `Printing Defaults`, mo sì yan A4 níbẹ̀ pẹ̀lú. Síbẹ̀, lẹ́tà yẹn ṣì ń béèrè Letter, torí inú fáìlì náà ni ìwọ̀n yẹn wà: ẹ̀dà àtijọ́ kan tí a rí gbà ni a fi kọ ọ́. Nínú Word, mo wọ `Layout`, `Size`, mo yan `A4`. Lẹ́yìn náà mo ṣí fèrèsé `Page Setup`, mo tẹ `Set As Default`, kí àwọn ìwé tuntun lè máa bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú A4. Àwọn fáìlì àtijọ́ kò ní yí padà fúnra wọn. Bí mo bá ṣí wọn ni mò ń tún wọn ṣe ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ẹ tún ṣọ́ èyí: bí ẹ bá yọ okùn pírńtà, tí ẹ wá fi í sínú ihò USB mìíràn, Windows lè dá orúkọ kejì sílẹ̀ fún un, tó fi `(Copy 1)` kún un. Ìwé á wá máa lọ sọ́dọ̀ orúkọ àkọ́kọ́, tí kò sí pírńtà lẹ́yìn rẹ̀ mọ́. Ihò tí okùn tèmi wà tẹ́lẹ̀ ni mo dá a padà sí, mo sì pa orúkọ kejì náà rẹ́.