Nígbà tí ìwé bá ń ta ko ara rẹ̀: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nídìí kíkọ ìsọnísókí

Iṣẹ́ mi ni kí n ka ìwé gígùn, kí n sọ ọ́ di ojú ìwé kan tàbí méjì fún àwọn tí kò ráyè kà á. Mo ti ń ṣe é bọ̀ tipẹ́ kí ìjábọ̀ kan tó là mí lójú. Ojú ìwé 58 ni, ó dá lórí ètò kan tí wọ́n fi ń kọ́ àwọn àgbàlagbà ní kọ̀ǹpútà. Àwọn kan ń wá sí kíláàsì àárọ̀, àwọn yòókù ń wá sí ti alẹ́. Ọ̀gá mi fẹ́ ìsọnísókí rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú, torí ọjọ́ kejì ni ìgbìmọ̀ máa jókòó lé e lórí.

Ohun tí ọ̀pọ̀ wa máa ń ṣe lèmi náà ṣe. Mo ka ìbẹ̀rẹ̀, mo sáré kọjá lára àárín, mo wá tẹjú mọ́ àbá tó wà lẹ́yìn. Abala 8 ní kí wọ́n fòpin sí kíláàsì alẹ́, nítorí pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ kò ṣe dáadáa tó àwọn ti àárọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe kọ ọ́. Nígbà tí ìpàdé dé, obìnrin kan tó ń kọ́ kíláàsì alẹ́ ṣí abala 5, ó sì ka àtẹ tó wà níbẹ̀ sókè: alẹ́, ìpíndọ́gba máàkì 68 nínú 100, àárọ̀, 61. Ó wá yíjú sí mi, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ka ibí yìí?” Gbogbo wọn ń wò mí. Mi ò rí nǹkan kan sọ.

Ohun tó dùn mí jù ni pé kò sí irọ́ nínú ohun tí mo kọ. Ó wà nínú ìjábọ̀ náà dúdú lórí funfun. Àmọ́ apá méjì ìwé ń bára wọn jà, mo sì ti dá apá kan láre láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀ pé ẹjọ́ wà nílẹ̀. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni, bẹ́ẹ̀ èmi kì í tilẹ̀ ṣe adájọ́. Ìgbìmọ̀ sún ìpinnu síwájú ní ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n sì ní kí n tún un kọ.

Lọ́tẹ̀ yìí, mo fa ìlà sórí bébà kan. Ohunkóhun tí ìwé náà bá sọ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ì báà ṣe iye, ì báà ṣe èrò, mo kọ ọ́ síbẹ̀: ohun tó sọ, ojú ìwé tó ti sọ ọ́, àti ohun tó fi wọ̀n ọ́n. Apá kẹta yẹn ló gbà mí sílẹ̀. Ṣẹ́ ẹ rí i, abala 4 ní akẹ́kọ̀ọ́ 480 nínú 640 ló “parí” ẹ̀kọ́. Abala 6 ní 412 ni. Ojú ẹni tó ń kánjú á rí i bí àṣìṣe. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo wá ìtumọ̀ “parí” lọ, mo rí i pé abala 4 ń ka ẹni tó wá sí kíláàsì fún ó kéré tán ọ̀sẹ̀ 8 nínú 10, nígbà tí abala 6 ń ka ẹni tó jókòó ṣe ìdánwò ìkẹyìn. Kò sí ìjà níbẹ̀. Orúkọ kan náà ni wọ́n fi pe nǹkan méjì. Ohun tí mo kọ sínú ìsọnísókí ni pé: “Nínú ẹni 640 tó bẹ̀rẹ̀, 480 wá kíláàsì débi tó yẹ, 412 sì ṣe ìdánwò. Ìjábọ̀ náà pe méjèèjì ní ‘parí’.” Tí mo bá kéde èyí bí ìtakora, mo ti ba òǹkọ̀wé lórúkọ jẹ́ lásán.

Ọ̀rọ̀ kíláàsì alẹ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Ìdánwò kan náà ni abala 5 àti abala 8 ń sọ nípa rẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan náà, sáà kan náà. Mo wá ọ̀nà tí méjèèjì fi lè jóòótọ́ pọ̀, mi ò rí. Ìdẹwò méjì ló wá sọ́dọ̀ mi. Èkíní ni kí n fi ọ̀rọ̀ rírọ̀ bò ó: “èsì kíláàsì méjèèjì yàtọ̀ síra.” Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n òótọ́ tó ń fi nǹkan pamọ́ ni, torí ẹni tó bá kà á kò ní mọ̀ pé ìdí tí àbá náà dúró lé ti yẹ̀. Èkejì ni kí n tún un ṣe fúnra mi. Ó dá mi lójú pé ẹni tó ya àtẹ ló gbé àárọ̀ sí ipò alẹ́. Ó kù díẹ̀ kí n yí nọ́ńbà náà padà.

Ọpẹ́lọpẹ́ pé mo kọ́kọ́ béèrè. Ọ̀kan nínú àwọn tó kọ ìjábọ̀ náà sọ fún mi pé kò sí nǹkan tó ṣe àtẹ. Wọ́n ti kọ abala 8 kí máàkì ibùdó ẹ̀kọ́ méjì tó dé. Nígbà tó dé, wọ́n tún abala 5 ṣe, kò sì sẹ́ni tó padà sí 8. Ìyẹn ni pé ohun tí mo fẹ́ “tún ṣe” gan-an ló tọ̀nà. Bí ìwé tí ọwọ́ púpọ̀ kọ ṣe máa ń rí nìyẹn: wọ́n á tún ibì kan ṣe, wọ́n á gbàgbé ibi tó gbára lé e.

Ohun tí mo wá kọ nìyí, mo sì kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ àbá náà gan-an, kì í ṣe sí ìsàlẹ̀ ìwé níbi tí ojú kì í dé:

“Abala 8 (ojú ìwé 49) dábàá pé kí wọ́n fòpin sí kíláàsì alẹ́ nítorí pé èsì rẹ̀ kéré sí ti àárọ̀. Àtẹ inú abala 5 (ojú ìwé 27) fi òdìkejì hàn: alẹ́ 68, àárọ̀ 61. Ìjábọ̀ náà kò ṣàlàyé ìyàtọ̀ yìí. Nígbà tí mo béèrè, ọ̀kan nínú àwọn òǹkọ̀wé ní wọ́n ti kọ abala 8 kí gbogbo máàkì tó pé.”

Ẹ kíyè sí i pé mo ya ohun tí ìwé sọ sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí mo gbọ́ lẹ́nu èèyàn. Ká ní mi ò rí ẹni bi ni, gbólóhùn kẹta ni mi ò bá ti dúró. Ìwé àdéhùn nìkan ni mo máa ń fún ní àyè díẹ̀, torí àwọn mìíràn ní ìlà kan tó sọ pé bí apá méjì bá takora, apá báyìí ló borí. Ẹ wá ìlà yẹn kí ẹ tó kọ ohunkóhun. Tó bá wà, ẹ sọ pé ìtakora wà, kí ẹ sì sọ apá tí ìwé fúnra rẹ̀ ní kó borí.

Mo rí ìtakora mìíràn nínú ìjábọ̀ yẹn. Iye ibùdó jẹ́ 12 níbì kan, ó di 11 níbòmíràn. Abala 7 ní ètò náà “lè” ran èèyàn lọ́wọ́ láti ríṣẹ́, ojú ìwé àkọ́kọ́ ní ó “ti” ràn wọ́n lọ́wọ́. Ti èkejì yìí, mo lo ọ̀rọ̀ abala 7, mo sì sọ pé ojú ìwé àkọ́kọ́ sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí abala 7 ni ẹ̀rí wà. Ti iye ibùdó, kò sí ìpinnu kankan tó máa yí padà nítorí rẹ̀, gbólóhùn kan péré ni mo fún un nísàlẹ̀.