Iná táyà tí kò kú lẹ́yìn tí a ti fẹ́ táyà: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́

Bí iná táyà orí dáṣíbọ́ọ̀dù yín kò bá kú lẹ́yìn tí ẹ ti fẹ́ táyà, kí ẹ tó padà sọ́dọ̀ fọ́kánáísà, iná yẹn gan-an ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ẹ yí kọ́kọ́rọ́ sí ON, ẹ má tíì sitáàtì. Gbogbo iná dáṣíbọ́ọ̀dù ló máa tàn fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, ìyẹn kò burú. Bí èyí tó ní àmì ìyanu láàárín bá wá dúró tó ń tàn láìṣẹ́jú, afẹ́fẹ́ táyà kan ó kéré tán ló lọ sílẹ̀. Àmọ́ bí ó bá ń ṣẹ́jú fún nǹkan bí ìṣẹ́jú kan sí ìṣẹ́jú kan ààbọ̀ kó tó dúró, ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ táyà ló ní ìṣòro, afẹ́fẹ́ yówù kí ẹ fẹ́ sí i kò ní pa á.

Ẹ jẹ́ ká mú Toyota tòkunbọ̀ láti Amẹ́ríkà, nítorí òun ló pọ̀ jù lójú títì wa, òfin ibẹ̀ sì ti mú kí gbogbo ọkọ̀ kékeré tuntun ní iná yìí láti oṣù kẹsàn-án 2007. Ká ní ìwé tó lẹ̀ mọ́ ara ilẹ̀kùn awakọ̀ sọ pé 32 psi ni. Táyà tútù ni 32 yẹn wà fún, ìyẹn táyà tó ti dúró fún wákàtí mẹ́ta ó kéré tán. Táyà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sáré ní ọ̀sán lè fi nǹkan bí 4 lé ní iye rẹ̀ gan-an. Bí fọ́kánáísà bá fẹ́ ẹ dé 32 nínú ooru yẹn, 28 ni ẹ máa bá lówùúrọ̀. Ìgbà ọyẹ́ tún máa ń dá kún un: bí ojú ọjọ́ bá fi nǹkan bí 5 sí 6 lórí ìwọ̀n Sẹ́síọ̀sì tutù sí i, psi kan ti lọ nìyẹn. Ọ̀sán tó jẹ́ 35 àti òwúrọ̀ tó jẹ́ 20 tó láti gba bí 3.

Síbẹ̀, 28 nìkan kò yẹ kó tan iná, nítorí ó dìgbà tí afẹ́fẹ́ bá dín ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin iye tí ọkọ̀ ń lò gẹ́gẹ́ bí òṣùwọ̀n. Ìdá kan nínú mẹ́rin 32 jẹ́ 8, nítorí náà 24 ni iná yẹ kó tàn. Ibí ni bọ́tìnnì rísẹ́ẹ̀tì ti máa ń da ọ̀rọ̀ rú. Iye yòówù tó bá wà nínú táyà nígbà tí ẹnìkan tẹ bọ́tìnnì yẹn ni ọkọ̀ máa fi ṣe òṣùwọ̀n. Bí ẹni tó ni ọkọ̀ tẹ́lẹ̀ bá tẹ̀ ẹ́ nígbà tí táyà wà ní 40 (àwa náà fẹ́ràn táyà líle púpọ̀), 30 ni iná yóò máa tàn. 28 òwúrọ̀ yín ti wọlé sínú ìyẹn. Àwọn tó kàn ń tẹ bọ́tìnnì kí iná lè kú lórí táyà tó rọ̀ ló burú jù, nítorí wọ́n ń kọ́ ọkọ̀ pé kó má sọ̀rọ̀.

Bí a ṣe ń ṣe é nìyí. Lówùúrọ̀, kí ọkọ̀ tó rìn, ẹ fẹ́ táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dé iye ara ilẹ̀kùn. Ẹ yí kọ́kọ́rọ́ sí ON, ẹ má sitáàtì. Ẹ wá bọ́tìnnì náà, abẹ́ sítíárìn ló sábà máa ń wà, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí iná yóò fi ṣẹ́jú díẹ̀díẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí kọ́kọ́rọ́ wà ní ON fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kí ẹ tó pa á, lẹ́yìn náà ẹ wà á lọ. Tó bá jẹ́ 4Runner, ẹ má gbàgbé sípíà, òun náà ní sẹ́ńsọ̀, ìyẹn ẹ̀rọ kékeré tó ń wọn afẹ́fẹ́ inú táyà.

Bí iná bá ṣì ń ṣẹ́jú, bátìrì sẹ́ńsọ̀ ni mo máa kọ́kọ́ fura sí. Inú ríìmù, nídìí fáàfù, ni sẹ́ńsọ̀ wà, bátìrì rẹ̀ sì máa ń lò tó ọdún 5 sí 10. Àmì tó dára láti mọ̀ ọ́n ni pé ìṣòro náà máa ń wá nínú òtútù òwúrọ̀, á lọ lọ́sàn-án, á tún padà, nítorí òtútù máa ń mú bátìrì tó ti gbó rẹ̀ sí i. Ríwáyà tó ní sikánà tó ń ka sẹ́ńsọ̀ lè gbé e sẹ́bàá fáàfù kọ̀ọ̀kan, kó sọ èyí tí kò dáhùn. Wọ́n ti fi gọ́ọ̀mù dí bátìrì yẹn pa, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá yín tú u. Odindi sẹ́ńsọ̀ la ń pààrọ̀. Bí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá jẹ́ ọjọ́ orí kan náà, èmi yóò pààrọ̀ gbogbo wọn nígbà tí táyà tuntun bá ń wọlé, kí owó títú ríìmù má bàa di ẹ̀ẹ̀mẹrin.

Bọ́tìnnì kò lè fi sẹ́ńsọ̀ tuntun han ọkọ̀. Sẹ́ńsọ̀ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀, Toyota wọ̀nyí sì fẹ́ kí a fi sikánà kọ ọ́ sínú kọ̀ǹpútà ọkọ̀. Ẹ tún wo 315 MHz tàbí 433 MHz lára èyí tí ẹ yọ kúrò kí ẹ tó ra òmíràn: 315 ló wọ́pọ̀ lára ọkọ̀ Amẹ́ríkà, 433 lára ti Yúróòpù. Ọkọ̀ tó ń gbọ́ 315 kò ní gbọ́ 433 láéláé, bí bátìrì rẹ̀ tilẹ̀ jẹ́ tuntun.