Kọnsidiréṣọ̀n: Ọ̀rọ̀ Òfin Tí Faransé Kò Ní Ẹnìkejì Rẹ̀

Olú ilé iṣẹ́ ẸKÓWÁÀSÌ wà ní Asókóró, àwọn Yorùbá tó ń ṣòwò ní Àbújá sì ń bá ará Kùtọnu àti Niamé dòwò pọ̀. Ìwé àdéhùn èdè Gẹ̀ẹ́sì àti ti Faransé máa ń pàdé lórí tábìlì kan náà. Ọ̀rọ̀ kan ló sábà máa ń dá ògbufọ̀ dúró níbẹ̀: kọnsidiréṣọ̀n.

Ẹ jẹ́ ká fi mọ́tò wò ó. Ìyá kan ní Wúsè fẹ́ ta Tòyótà rẹ̀ ní mílíọ̀nù 9 náírà. Ó sọ fún oníbàárà pé, "Ẹ lọ wá owó wá, ọ̀gá. Mo fún yín ní ọjọ́ 7, mi ò ní tà á fẹ́lòmíràn." Lọ́jọ́ kẹta ó tà á fẹ́lòmíràn, ó sì tètè fi tó oníbàárà létí kí ìyẹn tó sọ pé òun ti ṣetán. Lábẹ́ òfin Gẹ̀ẹ́sì tí Nàìjíríà jogún, oníbàárà kò lẹ́jọ́. Kò fi nǹkan kan gba ọjọ́ 7 yẹn. Ká ní ó san 500 náírà péré fún ìdúró náà ni, ìlérí ìbá ti le. Ohun tí a fi gba ìlérí yìí gan-an ni kọnsidiréṣọ̀n. Adájọ́ kì í wọ̀n ọ́n: nínú ẹjọ́ kan ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1959, wọ́n gba bébà ṣokoléètì 3 tí a ó jù nù wọlé gẹ́gẹ́ bí ara rẹ̀.

Òfin Faransé kì í béèrè ohun tí a fi gbà á kí ìlérí tó múni. Tí ẹni méjì bá ti fohùn ṣọ̀kan tọkàntọkàn, ó tó. Ìwé òfin wọn ti 1804 ní ọ̀rọ̀ kan, kọ́ọ̀sì, ìyẹn ìdí tí èèyàn fi gbà láti jẹ gbèsè, òun sì ni ògbufọ̀ máa ń sáré mú. Àṣìṣe ni. Ẹ̀bùn ní kọ́ọ̀sì, torí pé ìfẹ́ àtifúnni fúnra rẹ̀ ti tó. Kò ní kọnsidiréṣọ̀n rárá.

Láti October 1, 2016, wọ́n ti yọ kọ́ọ̀sì kúrò nínú òfin àdéhùn ní ilẹ̀ Faransé. Abala 1169 wá sọ pé nínú àdéhùn gbà-fún-mi-kí-n-fún-ọ, bí ohun tí ẹnì kan máa gbà bá kéré débi ẹ̀gàn, àdéhùn náà ti bàjẹ́. Nítorí náà, ilé tí a tà ní náírà 1 lè dúró ní Lọ́ńdọ̀nù kó sì wó ní Párísì. Ibí gan-an ni ìtumọ̀ ti ń ṣeni léṣe jù.

Bí ọ̀rọ̀ náà bá kàn dúró fún iye owó ọjà, kí ògbufọ̀ kọ gbólóhùn Faransé tó túmọ̀ sí "ní iye báyìí". Kó má lo ọ̀rọ̀ Faransé tó jọ ọ́ lójú, torí ọ̀wọ̀ tàbí àkíyèsí nìyẹn ń sọ. Bó bá jẹ́ pé òfin Gẹ̀ẹ́sì ló ń darí ìwé náà, kó fi ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà sílẹ̀ bó ṣe wà, kó ṣàlàyé rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Bó bá sì jẹ́ ẹ̀bùn, Gẹ̀ẹ́sì ń fẹ́ díìdì tí ẹlẹ́rìí fọwọ́ sí, Faransé ń fẹ́ ìwé tí nótárì ṣe.